Bátìrì kọ́ ló bàjẹ́, okùn ni: bí mítà kékeré ṣe ń sọ iye iná tó dé inú fóònù

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, ìyá kan tó ń ta gààrì gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìsọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Orí fóònù yìí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san owó sí, nítorí náà bí fóònù bá kú, ọjà dúró nìyẹn. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò nílé rẹ̀, láti aago méje alẹ́ sí aago mọ́kànlá. Ó ní láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, bí òun bá fi fóònù síná fún wákàtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kì í ju ìdajì lọ. Ẹnìkan ti sọ fún un pé bátìrì ló bàjẹ́, kí ó wá 7000 sẹ́fà kí wọ́n bá a pààrọ̀ rẹ̀. Owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dì í mọ́ etí aṣọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà níbi tó wà ná," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "Ṣé ẹ mú ṣájà àti okùn tí ẹ ń lò nílé wá?"

"Mo mú wọn wá, ọmọ mi. Okùn méjì ló wà níbẹ̀. Funfun gígùn yìí ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò ṣe dáadáa mọ́, mo ra dúdú yìí, ó nípọn bí okùn kànga, síbẹ̀ tirẹ̀ tún burú jù."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí fóònù kò bá tètè kún, bátìrì la kọ́kọ́ ń bú, lẹ́yìn náà ṣájà. Okùn tó wà láàárín méjèèjì, ojú lásán kò lè sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Ohun tó lè sọ ọ́ ni mítà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mítà yúésíbì. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé bí ọ̀dọ́kùnrin yìí ṣe lò ó, nítorí pé kí èèyàn ní mítà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kí ó mọ ohun tí mítà ń sọ.

Ohun tí mítà náà ń fi hàn

Mítà yìí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ó ní ẹnu akọ lápá kan àti ẹnu abo lápá kejì, iná á gba inú rẹ̀ kọjá. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní ẹnu gbọọrọ àtijọ́ tó máa ń wọ inú ṣájà. Èkejì ní ẹnu kékeré olóbìírípo tó ṣe é fi bọ̀ ọ́ níbi yòówù kó kọjú sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Táípù-Sí. Ọ̀dọ́kùnrin wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì lójú mítà. Èyí tí lẹ́tà V wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ. Èyí tí A wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn kọjá ṣe pọ̀ tó. Èyí tí W wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wáàtì. Fọ́ọ̀tì lọ́nà áńpíà ló ń di wáàtì, òun gan-an ni iṣẹ́ tí iná ń ṣe. Tí V bá jẹ́ 5, tí A sì jẹ́ 2, W á jẹ́ 10.

Ẹni tó bá ti fi rọ́bà fa omi láti inú tááǹkì rí á tètè lóye rẹ̀. Gíga tí tááǹkì ga ló dà bí fọ́ọ̀tì, omi tó ń jáde lẹ́nu rọ́bà ló dà bí áńpíà. Bí rọ́bà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, tááǹkì lè kún dẹ́nu, omi tó máa dé inú korobá kò ní í tó nǹkan. Okùn ṣájà ni rọ́bà yẹn.

Ìmúrasílẹ̀ kí a tó wọn ohunkóhun

Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú fóònù. Ó bá 35%. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Fóònù tó ti ń súnmọ́ àtikún máa ń dín iná tó ń gbà kù fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo bátìrì, pàápàá tó bá ti kọjá 80%. Ẹni tó bá dán okùn wò lórí fóònù tó ti dé 90% á rí áńpíà kékeré, á sì bú okùn tí kò ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó pa ojú fóònù, ó sì lo ṣájà ìyá náà fún gbogbo ìdánwò. Lára ṣájà yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fọ́ọ̀tì 5, áńpíà 2. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ kí ó máa yí padà, ìyẹn okùn. Bí èèyàn bá pààrọ̀ okùn àti ṣájà lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í mọ èyí tó fa ìyàtọ̀ tó bá rí.

Ó wá fi mítà kìíní sí ẹnu ṣájà, ó fi okùn sínú mítà náà, ó sì fi mítà kejì sí ìdí okùn lọ́hùn-ún, níbi tí fóònù máa wà. Ṣùgbọ́n kò tíì fi fóònù sí i. Mítà méjèèjì sọ 5.12.

Ó ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sí fóònù, iná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn rárá, bí iná kò bá sì ṣàn, kò sí ohun tí okùn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí mítà méjèèjì sọ nọ́ńbà kan náà. Ká ní ọ̀kan sọ 5.12, tí èkejì sọ 5.09, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti okùn, ti mítà ni. Èèyàn á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò tó bá yá. Kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìṣirò ló ti bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Ìdánwò yìí fi ohun mìíràn hàn pẹ̀lú. Okùn tó dára jù lọ àti okùn tó burú jù lọ lágbàáyé, 5.12 kan náà ni wọ́n máa sọ níwọ̀n ìgbà tí fóònù kò bá sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi mítà wọn okùn láìsí ohun tó ń fa iná, tó sì rí 5 lójú rẹ̀, kò tíì dán ohunkóhun wò.

Okùn funfun: ẹnu ọ̀nà ni iná ń sọnù sí

Ó fi fóònù sí i, ó sì dúró ìṣẹ́jú méjì. Fóònù kì í gba gbogbo iná lẹ́ẹ̀kan. Á fà díẹ̀, á fi kún un, á máa wo bóyá fọ́ọ̀tì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì dára. Nígbà tí nọ́ńbà dúró sójú kan, ohun tí wọ́n rí nìyí: lẹ́nu ṣájà, 5.10 V àti 0.62 A. Lẹ́nu fóònù, 4.50 V àti 0.62 A.

Ẹ kíyè sí i pé áńpíà kò yí padà. Iná tó wọ okùn ní òkè náà ló jáde ní ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀tì ló já. Láti 5.10 sí 4.50, 0.60 ti sọnù sójú ọ̀nà. Bí a bá pín ohun tó sọnù yìí sí áńpíà tó ń kọjá, á sọ bí okùn ṣe ń dènà iná tó fún wa. Óòmù ni wọ́n fi ń ka ìdènà yìí:

```
R = (V1 - V2) / I
R = (5.10 - 4.50) / 0.62 = 0.97
```

V1 ni fọ́ọ̀tì ẹnu ṣájà, V2 ni ti ẹnu fóònù, I ni áńpíà. Okùn funfun yìí ń dènà iná ní 0.97, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó óòmù kan gbáko.

Ṣé ìyẹn pọ̀? Àwọn tó ṣe òfin Táípù-Sí ti fi ààlà sí i. Wọ́n ní nígbà tí áńpíà 3 bá ń gba inú okùn kọjá, ohun tó máa sọnù kò gbọdọ̀ ju fọ́ọ̀tì 0.50 lọ lójú ọ̀nà àlọ, kò sì gbọdọ̀ ju 0.25 lọ lójú ọ̀nà àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.75. Ẹ pín in sí 3, ẹ ó rí 0.25 óòmù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó yẹ kí èèyàn fi sórí nìyẹn. Okùn tó bá wà ní 0.25 tàbí tó kéré sí i dára. Okùn ìyá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po mẹ́rin ju ààlà lọ.

Ìdí tí fóònù fi ń gba 0.62 péré náà hàn kedere. Fóònù yìí kò fẹ́ kí fọ́ọ̀tì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ 4.50. Bí ó bá fa iná sí i, okùn á gba púpọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́ọ̀tì á já kọjá ibẹ̀. Ó wá dúró síbi tí okùn dá a dúró sí. Ṣájà lè gbé áńpíà 2, fóònù fẹ́ gba á, okùn ló ní rárá.

Ní ti wáàtì, 5.10 lọ́nà 0.62 jẹ́ 3.16 lẹ́nu ṣájà. Ohun tó dé inú fóònù jẹ́ 2.79.

Okùn orí tábìlì: ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ bátìrì

Ọ̀dọ́kùnrin náà yọ okùn funfun kúrò, ó fi okùn tirẹ̀ tó wà lórí tábìlì sí i. Kò gùn ju mítà kan lọ. Ṣájà kan náà, fóònù kan náà, ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́nu ṣájà: 5.02 V, 1.75 A. Lẹ́nu fóònù: 4.67 V, 1.75 A.

Fọ́ọ̀tì 0.35 ló sọnù. Ẹ pín in sí 1.75, ẹ ó rí 0.20 óòmù, ó wà lábẹ́ ààlà. Wáàtì tó dé inú fóònù jẹ́ 8.17.

Ìyá náà wo ojú mítà, ó ní: "Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, Ìyá. Bátìrì kan náà sì ni."

Níbí ni ẹjọ́ bátìrì ti parí. Bí ó bá jẹ́ pé bátìrì ló ń kọ iná ni, ìbáà kọ̀ ọ́ pẹ̀lú okùn yòówù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pààrọ̀ okùn, ó ń gba á wọ̀ọ̀. Ká sọ ọ́ bó ti yẹ: mítà yìí kò sọ pé bátìrì náà ṣì dà bí tuntun, nítorí bátìrì tó ti gbó lè gba iná dáadáa kó má sì lè pa á mọ́ títí. Ohun tó sọ ni pé àìtètè kún tí ìyá yìí ń ráhùn sí kò ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wákàtí mẹ́rin ilé ìyá náà wò ó. Bátìrì fóònù rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún, ìyẹn 5000 mAh tí wọ́n kọ sí i lára. Bí a bá sọ ọ́ di wáàtì nínú wákàtí, ó jẹ́ bíi 19. Okùn funfun ń gbé 2.79 wá, fún wákàtí mẹ́rin ó jẹ́ 11.2. Nínú èyí, díẹ̀ á di ooru nínú fóònù fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ ìdá kan nínú méje fún ìyẹn, ó ku bíi 9.5, ìdajì 19 gan-an. Ohun tí ìyá náà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tún jáde lójú ìṣirò: kì í ju ìdajì lọ. Okùn kejì tó ń gbé 8.17 á fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kún bátìrì òfìfo, títí kan bó ṣe ń fà sẹ́yìn tó bá ti ń kún. Aago mọ́kànlá kò ní í tíì lù.

Okùn dúdú: níbi tí ojú ti ń tanni jẹ

Ó wá ku okùn dúdú, èyí tó nípọn bí okùn kànga. Wọ́n fi sí i. Lẹ́nu ṣájà: 5.11 V, 0.47 A. Lẹ́nu fóònù: 4.99 V, 0.47 A.

Ẹni tó bá ń wo áńpíà nìkan á ní: "Òun ló burú jù." Òótọ́ ni pé wáàtì 2.35 péré ló dé inú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́ọ̀tì. Ó ku díẹ̀ kí 5 pé lẹ́nu fóònù. 0.12 ló sọnù. Ẹ pín in sí 0.47, ẹ ó rí 0.26, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà. Ọ̀nà ò dí, síbẹ̀ fóònù kò fa iná. Ó ṣe jẹ́?

Waya mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú irú okùn báyìí. Méjì ń gbé iná, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Méjì tó kù tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ara wọn náà ni fóònù fi ń mọ̀ pé orí ṣájà ni òun wà, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà. Bí fóònù bá mọ̀ pé ṣájà ni, á fà á dáadáa. Bí kò bá mọ̀, á ṣọ́ra bí àlejò tí kò mọ ilé ẹni tó wà, á gba bíi ìdajì áńpíà, èyí tí ihò kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé. Àwọn kan tó ń ṣe okùn máa ń yọ waya ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò kí owó má baà pọ̀. Okùn náà lè nípọn bó ṣe wù ú, fóònù kò ní í gbọ́ ohùn ṣájà.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò fi mọ sí ìfura. Ó fi okùn dúdú so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Fóònù ń gba iná, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò rí i rárá, kò béèrè pé kí wọ́n gbé fọ́tò wọlé. Waya ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó tún fi okùn tirẹ̀ ṣe bákan náà, kọ̀ǹpútà rí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú mítà nìyí. Bí áńpíà bá kéré tí fọ́ọ̀tì ẹnu fóònù náà sì já, okùn ló tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ló gùn jù. Bí áńpíà bá kéré ṣùgbọ́n tí fọ́ọ̀tì dúró dáadáa, ọ̀nà kò dí, fóònù ni kò fà á, ẹ wo waya ọ̀rọ̀ tàbí kí ẹ wo bóyá fóònù ti kún. Bí fọ́ọ̀tì bá sì já lẹ́nu ṣájà fúnra rẹ̀, ká ní 4.60 dípò 5.02, kí a tó dé orí okùn rárá, ṣájà ni kó jẹ́jọ́.

Ohun tó wà nínú rọ́bà

Ẹnìkan lè béèrè pé báwo ni okùn funfun ṣe wá di óòmù kan. Kò sí idán níbẹ̀. Waya bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 28AWG, máa ń dènà iná ní bíi 0.21 óòmù fún mítà kọ̀ọ̀kan. Okùn ìyá náà gùn ní mítà méjì. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, ó di mítà mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà 0.21 jẹ́ 0.84. Ìyókù wà ní ẹnu méjèèjì, níbi tí irin ti ń kan irin.

Waya 24AWG nípọn jù ú lọ. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.084 fún mítà kan. Okùn mítà kan, àlọ àti àbọ̀, á jẹ́ 0.17. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí 0.20 tí okùn orí tábìlì sọ. Ẹ rántí pé nọ́ńbà tó kéré ni waya tó nípọn. Àwọn okùn kan máa ń tẹ èyí sára rọ́bà wọn, bíi 28AWG/1P+24AWG/2C. Apá ìkẹyìn, tó ní 2C, ni waya iná méjèèjì. Tí ẹ bá rí 28 síbẹ̀ náà, ẹ má rà á ní gígùn.

Àmọ́ ìtẹ̀wé kò di ẹ̀rí. Àwọn kan ń lo alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú dípò bàbà gidi, ìdènà rẹ̀ sì ju ti bàbà lọ dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnípọn wọn dọ́gba. Rọ́bà tó nípọn náà lè jẹ́ rọ́bà lásán. Bẹ́ẹ̀ ni "60W" tí wọ́n kọ sẹ́nu okùn kì í ṣe ìlérí pé wáàtì 60 á wọ inú fóònù yín. Fọ́ọ̀tì 20 lọ́nà áńpíà 3 ni wọ́n fi dé 60 yẹn, ṣájà yín lè jẹ́ elẹ́fọ́ọ̀tì 5. Mítà ló ń sọ tòótọ́.

Ẹnu tó ń mì, àti ṣájà ayára

Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, ọ̀dọ́kùnrin náà tún ṣe ìdánwò kan. Ó di ẹnu okùn mú níbi tó ti wọ fóònù, ó rọra ń tì í sọ́tùn-ún sósì, ojú rẹ̀ wà lára mítà. Áńpíà kò kúrò ní 1.75. Ká ní ó ń fò láti 1.75 sí 0.30, á jẹ́ pé waya ti ń já nínú ẹnu okùn, tàbí pé ìdọ̀tí àti eruku ti kún inú ihò fóònù. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú okùn mẹ́ta, ihò fóònù ni. Kí a pa fóònù, kí a fi igi ìtayín tó gbẹ rọra yọ ìdọ̀tí rẹ̀, kí a tún wọ̀n ọ́n. A kì í fi abẹ́rẹ́ tàbí irin ṣe é.

Ẹni tó ní ṣájà ayára, èyí tó ń gbé fọ́ọ̀tì 9, ní láti tún kíyè sí ohun kan. Fọ́ọ̀tì tó ga ń jẹ́ kí okùn burúkú dà bíi pé ó sàn. Bí áńpíà 2 bá gba inú okùn funfun kọjá ní fọ́ọ̀tì 9, bíi fọ́ọ̀tì 1.94 á sọnù, fóònù á ṣì rí bíi 7 gbà, á sì máa kún. Ṣùgbọ́n wáàtì tó ń sọnù sínú okùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ooru yẹn kì í pín dọ́gba, ibi tí ìdènà bá pọ̀ sí jù, pàápàá ẹnu okùn, ló máa ń gbóná jù. Ẹnu okùn tó ń jó èèyàn lọ́wọ́, tàbí tó ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ yọ ọ́ kúrò níná, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́.

Irú ṣájà bẹ́ẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀ fún mítà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mítà kí ẹ tó lò ó. Òmíràn wà tí kò lè gbà ju fọ́ọ̀tì tó mọ níwọ̀n, ṣájà kọ̀ǹpútà sì lè gbé e dé 20. Mítà mìíràn kì í jẹ́ kí waya ọ̀rọ̀ kọjá dáadáa, á jẹ́ kí ṣájà ayára di onígbọ̀ọ́gbọ̀, ẹ ó sì rò pé okùn ló bàjẹ́. Ẹ fi okùn tí ẹ mọ̀ pé ó dára dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Bí mítà kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́

Mítà kan náà tó, bí ó bá lè wọ ìhà méjèèjì. Ẹ wọn ẹnu ṣájà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé mítà náà lọ sẹ́nu fóònù, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Kí áńpíà ìgbà méjèèjì dọ́gba tàbí kó súnmọ́ra gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò kò ní í jóòótọ́. Bí mítà bá jẹ́ olẹ́nu gbọọrọ tí kò lè dé ẹnu fóònù, ẹ kò lè mọ óòmù okùn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè fi okùn méjì wéra: ṣájà kan, fóònù kan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn. Èyí tí áńpíà rẹ̀ ga ló sàn jù.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe tún máa ń lo ohun kékeré kan tó ń fa áńpíà 1 tàbí 2 gérégé láìyí padà, kí wọ́n má baà gbára lé fóònù tó ń yí ọkàn padà. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ó máa ń gbóná bí irin ìlọṣọ. Orí ṣájà elẹ́fọ́ọ̀tì 5 nìkan ni kí ẹ ti lò ó, kí ó má wà lórí aṣọ tàbí ìwé, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ ibòmíràn.

Ìyá náà kó owó bátìrì rẹ̀ padà sí etí aṣọ. 1500 sẹ́fà ló fi ra okùn mítà kan tí wọ́n wọ̀n lójú rẹ̀ kó tó sanwó, ó sọ 0.21. Ó béèrè ohun tí òun máa fi okùn dúdú ṣe, ó ṣáà nípọn.

"Ẹ máa fi tan iná kékeré orí ìsọ̀ yín, Ìyá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà dáhùn. "Iná yẹn kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ṣájà sọ."

Ó ku ti funfun. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú àlùmọ́gàjí, ó gé e sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un lò. Nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, waya iná tó wà níbẹ̀ kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ.